Bí A Ṣe Ń Tọrọ Ààyè Lẹ́nu Iṣẹ́ Láti Lọ Sìnkú Nílé

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ọjọ́ díẹ̀ láti lọ sìnkú." Gbólóhùn yìí ló ń fa wàhálà jù, torí ọjọ́ díẹ̀ lójú ọ̀gá lè jẹ́ méjì, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lójú yín. Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa pa jẹ.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gbé l'Ékòó, wọ́n sì fẹ́ sin ìyá bàbá rẹ̀ l'Adó-Èkìtì. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àìsùn, Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì di Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́rú ni kó gbéra, torí bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, àìsùn ò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá padà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ló jẹ́. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ kò ní ka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ ọn.

Ẹ wá yẹ ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ yín wò. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò dárúkọ ìsinmi ìsìnkú. Ohun tó fọwọ́ sí ni ìsinmi ọdọọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ẹni tó ti lo oṣù 12. Ilé iṣẹ́ tó bá tiẹ̀ ń fúnni láyè ìsìnkú lè fi mọ sórí òbí, ọkọ tàbí aya, àti ọmọ. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá lẹ́nu, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá bàbá mi ti di olóògbé. A óò sin wọ́n l'Adó-Èkìtì ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14. Mo ń tọrọ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, láti Ọjọ́rú, ọjọ́ 12, di Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17. Màá wọlé ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Bí ìlànà wa kò bá gba ti ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdọọdún mi. Bọ́lá ni yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Kọ́kọ́rọ́ àti ìwé gbèsè ti wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ má pe ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní "bàbá mi" nínú lẹ́tà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ń pè wọ́n nílé. Lọ́jọ́ tí bàbá tó bí yín bá kú, ilé iṣẹ́ lè tú fáìlì, kí wọ́n ní ẹ ti sin bàbá tẹ́lẹ̀.

Ti Mùsùlùmí kì í dúró de lẹ́tà, torí wọ́n lè sin òkú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ pe ọ̀gá lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rí lè wà. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹ tọrọ ìyẹn lọ́tọ̀.

Bí ẹbí bá sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú, ẹ kọ lẹ́tà míì tó ní ọjọ́ tuntun nínú, torí ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni ilé iṣẹ́ mọ̀.