Ọdún karùn-ún ni, kì í ṣe ìkẹfà
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ti ṣírò owó ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún márùn-ún, tí ẹ wá ń díwọ̀n iye gbogbo ọdún tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń dá a padà sí iye òní. Ká ní owó tó ṣẹ́kù lọ́dún karùn-ún jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà, tí èrè tí olùdókòwò ń béèrè jẹ́ 20%, tí ìdàgbàsókè ọdọọdún, tó ní ọ̀wọ́ngógó nínú, sì jẹ́ 10%: 100 × 1.10 jẹ́ 110, iye gbogbo ọdún tó kù sì jẹ́ 110 ÷ (0.20 − 0.10), ìyẹn mílíọ̀nù 1,100. Owó ọdún kẹfà ni 110 lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpin ọdún karùn-ún ni ìṣírò náà gbé iye yìí kalẹ̀ sí. Nítorí náà, 1.20^5 ni kí ẹ fi pín in, ẹ ó sì rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 442. Ẹni tó bá lo 1.20^6 yóò rí 368 péré.