Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Sítáńdìn Ọ́dà àti Dáírẹ́ẹ̀tì Dẹ́bíìtì: Owó Ilé, Owó Ilé-ìwé àti Owó Iná ní Abuja

Bí ẹ bá ṣe sítáńdìn ọ́dà, ẹ̀yin lẹ ń fi owó ránṣẹ́. Ẹ ti sọ fún báńkì yín pé kí wọ́n máa fi iye kan báyìí ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan báyìí ní ọjọ́ kan báyìí. Ti dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì yàtọ̀: ẹni tí ẹ jẹ lówó ló ń wá fà á. Ẹ ti fọwọ́ sí mándéètì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti fa owó, fún un, ó sì ń gba ọ̀dọ̀ báńkì wọ inú àkáǹtì yín lọ mú owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wàhálà tí àwọn èèyàn ń kó sí ní Abuja kò ṣẹ̀yìn pé wọ́n fi iye kan ṣoṣo dúró de owó tó ń lọ sókè sódò, tàbí pé wọ́n fún ẹlòmíràn láyè láti fa owó tí àwọn fúnra wọn lè fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú owó ilé ṣáájú, torí òun ló tóbi jù. Ẹ má ṣe sítáńdìn ọ́dà oṣooṣù tààrà sí àkáǹtì onílé tó ń gba owó ọdún. Ní Kubwa, Lugbe tàbí Gwarinpa, ọ̀pọ̀ onílé ló ń fẹ́ owó ọdún kan gbáko kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé yín bá jẹ́ ₦1,500,000, tí ẹ wá ń fi ₦125,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù, lójú onílé yìí ẹ ti jẹ gbèsè láti oṣù kìíní, rìsíìtì tí yóò sì já fún yín á máa kọ ọ́ pé owó kò pé.

Àkáǹtì míràn tó jẹ́ tiyín ni kí sítáńdìn ọ́dà máa lọ. Ká ní oṣù kẹta ni owó ilé yín máa ń tó san. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ẹ fi ₦150,000 sí i lóṣooṣù, kí ẹ sì parí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́wàá ló jẹ́, owó yóò sì pé ₦1,500,000. Ẹ fi oṣù kejì sílẹ̀ fún àfikún tí onílé bá fi sí i, tàbí owó sáfíìsì ilé. Ìgbà tí owó bá pé ni kí ẹ tó fi ọwọ́ ara yín san án fún onílé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pè é láti mọ̀ bóyá àkáǹtì àtijọ́ ló ṣì ń lò. Éjẹ́ǹtì máa ń yí padà, wọ́n sì máa ń ta ilé. Sítáńdìn ọ́dà kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, ibi tí ẹ júwe fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò máa gbé owó lọ.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ máa ń wọlé ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n á fi sítáńdìn ọ́dà sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Owó oṣù wá pẹ́ dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, báńkì wo àkáǹtì, kò rí nǹkan kan, ó sì kọjá lọ. Àwọn báńkì kan máa ń tún un gbìyànjú, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ títí di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí owó oṣù yín kò bá ní ọjọ́ kan pàtó, ọjọ́ karùn-ún oṣù tuntun ló dáa jù. Ẹ má sì mú ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, nítorí kì í ṣe gbogbo oṣù ló ní in.

Owó tó kù díẹ̀ kó pé tún máa ń pa sítáńdìn ọ́dà. Bí owó bá ń lọ sí báńkì míràn, tó sì ju ₦50,000 lọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦50, pẹ̀lú owó orí VAT ₦3.75. Ẹni tó ní ₦150,000 géérégé nínú àkáǹtì kò ní rí ₦150,000 fi ránṣẹ́, torí ó kéré tán ₦150,053.75 ni báńkì ń wá. Sítáńdìn ọ́dà kì í sì í san ìdajì. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún náírà kan tàbí méjì lé e lórí.

Ẹni tó bá jẹ gbèsè báńkì tún níláti mọ ohun kan. Ìlànà GSI tí Báńkì Àgbà Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2020 fún báńkì tó yáni lówó láǹfààní láti gba gbèsè tó ti kọjá àkókò nínú àwọn àkáǹtì míràn tí ẹni náà fi BVN rẹ̀ ṣí. Owó ilé tí ẹ tọ́jú sí báńkì kejì kò sá pamọ́ fún un. Ẹ kọ́kọ́ yanjú gbèsè náà.

Owó ilé-ìwé ni dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì lè bá mu, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí mándéètì tí àyè inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ wo ibi mẹ́ta: iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fà, iye ìgbà tí wọ́n lè fà á, àti ọjọ́ tí yóò parí. Ká ní owó tàmù kan jẹ́ ₦165,000. Ẹ kọ ₦180,000 gẹ́gẹ́ bí òpin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kí ó sì parí ní oṣù keje pẹ̀lú sáà náà. Bí ẹ bá kọ ₦500,000 torí kí ẹ má baà tún fọwọ́ sí òmíràn, owó aṣọ, owó ìwé àti owó ìrìn-àjò ọmọ lè bá a jáde láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ sí i. Bí ẹ bá sì fi ₦180,000 sílẹ̀, tí owó di ₦190,000 ní oṣù kẹsàn-án, fífà náà yóò já sí asán, orúkọ ọmọ yóò sì wà lára àwọn tí wọn ò tíì sanwó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ máa tún mándéètì ṣe lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ìwé owó tuntun.

Tó bá jẹ́ sítáńdìn ọ́dà ni ẹ fẹ́ràn, ẹ kọ orúkọ ọmọ, kíláàsì àti tàmù sí àlàyé owó. Bí ọmọ méjì bá wà ní ilé-ìwé kan náà, ẹ ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Owó iná: ẹni tó ń lo mítà àsansílẹ̀ ti AEDC kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tókìn oní-nọ́ńbà ogún ni mítà ń fẹ́, owó tó kàn wọ àkáǹtì ilé-iṣẹ́ iná kì í bí tókìn. Ẹni tí wọ́n ń fún ní bíìlì ló sábà máa ń ṣe sítáńdìn ọ́dà ₦20,000, kó wá gbàgbé. Bí bíìlì bá jẹ́ ₦27,400 fún oṣù mẹ́ta léraléra, gbèsè ti di ₦22,200, wọ́n sì lè já iná rẹ̀ nígbà tó rò pé òun ń san déédéé. Bí bíìlì bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fojú wọ̀n, a kò gbà yín níyànjú dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì rárá, nítorí ó rọrùn láti jà kí owó tó jáde ju kí ẹ máa lé e kiri lẹ́yìn tó ti lọ. Ẹ fọwọ́ ara yín san án.

Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, báńkì yín nìkan ti tó fún sítáńdìn ọ́dà. Fún dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì, ẹ kọ̀wé sí báńkì àti sí ilé-ìwé, ẹ dárúkọ nọ́ńbà mándéètì náà, kí ẹ sì gba ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ méjèèjì kí ọjọ́ tí wọn yóò tún fà á tó pé. Owó tí ẹ jẹ ṣì wà nílẹ̀ o, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú un nìkan ni ẹ tì.