Bí mo ṣe dáhùn "Mo kàn ní kí n kí yín ni"

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ò ju ìlà kan lọ: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn ní kí n kí yín ni. Kò sí nǹkan o." Àbúrò mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Aago 3:41 òru ló wọlé sórí fóònù mi n'Íbàdàn. Nígbà tí mo jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo tó rí i.

Iṣẹ́ kíà ni àbúrò mi ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan lápá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣíìfù òru ni tirẹ̀, láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́jọ àárọ̀. Láti ìparí oṣù Kẹwàá tí wọ́n bá ti yí aago wọn padà, wákàtí kan ni a fi ń ṣíwájú wọn, nítorí náà aago 2:41 ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún mi rí pé bí wọ́n bá ti yí àwọn tí kò lè dá yíra padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì tán, kí egbò má baà dá sí wọn lára, ilé a dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti kọ̀wé sí mi.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè kíni lóru, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Nítorí náà n kò tíì fi aago ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ohun tó mú mi jókòó sí ẹ̀bá ibùsùn ni "Kò sí nǹkan o" tó fi parí rẹ̀. Ta ló bi í? Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kì í sábà rántí láti sọ ọ́.

Mo wá yí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì padà sẹ́yìn lórí fóònù, mo ń kà á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Àbúrò mi tí mo mọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn. A béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, a fi ẹ̀rín kún un, a ní kí n gbá àwọn ọmọ òun mọ́ra, a tún bú mi pé n kì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kí mi, kúkurú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò béèrè ohunkóhun nínú ọ̀kankan. Lókè ti òní, mo rí ibi tí Wásáàpù kọ "This message was deleted" sí. Ó ti kọ nǹkan, ó ti pa á rẹ́, kó tó wá kọ èyí tó rọrùn láti kà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí ni mo rí, ǹ bá gbójú fò ó. Wọ́n wá pé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní ìdí láti má kánjú. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, irú ọ̀rọ̀ yìí ló kọ sí mi, mo sì dá a lóhùn kíákíá pé "A dúpẹ́ o, ṣé dáadáa ni?" Ó ní dáadáa ni. Mo tún fi àdúrà kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi ránṣẹ́ sí i, ó ní àmín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ibà ló dá a dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nínú yàrá tó háyà, tí kò sẹ́ni tó máa bu omi fún un. Ó ti yà sọ́dọ̀ mi, mo sì ti fi ìkíni lé e jáde. Ó dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo ti rò láti ìgbà náà ni pé "Ṣé dáadáa ni?" kì í ṣe ìbéèrè lẹ́nu wa. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bi í: a dúpẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ re kò sì lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé rárá, kò dáadáa, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti na ìdáhùn sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní nǹkan mìíràn tó ṣiṣẹ́ ju ìbéèrè lọ, ìyẹn ni "kú". A ń kí ẹni tó dúró pé ó kú ìdúró, a ń kí ẹni tó jókòó pé ó kú ìjókòó. Ìkíni yìí ń sọ fún ẹni náà pé mo rí ohun tí o wà nínú rẹ̀, kò sì ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Síbẹ̀ ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ kọ láàárọ̀ yẹn burú: "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé o ti jẹun? Kí ló dé tí o ń kọ̀wé lóru?" Ìbéèrè mẹ́ta fún ẹni tí ó rẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn pé kó fara dà á, pé ọ̀pọ̀ ló ń wá ibi tó wà. Mo kà á sókè, mo sì gbọ́ pé ohun tí mo ń sọ fún un ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́ kó rẹ̀ ẹ́. Mo pa ìyẹn náà rẹ́.

Èyí tí mo wá fi ránṣẹ́ nìyí: "Àjíkẹ́, o kú àìsùn o. O kú òtútù. Mo rí i pé àárín òru lo kí mi, ó sì dùn mọ́ mi pé èmi ni ọkàn rẹ lọ bá. Bó o bá délé, sùn, má wulẹ̀ dáhùn. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé ni mo wà, fóònù á wà lọ́wọ́ mi."

Àjíkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ìyá wa ló máa ń fi pè é. Láti ìgbà tí màmá ti lọ, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. Mo rò ó bóyá kí n fi "o kú àdágbé" kún un, mo sì yọ ọ́. Àìsùn àti òtútù, mo mọ̀ wọ́n dájú. Pé ó ń ṣe é bí ẹni tó dá wà, àfojúbù lásán ni, bí mo bá sì sọ ọ́ síta, ó lè sẹ́ ẹ nítorí ìtìjú, kó má wá lè padà síbẹ̀ mọ́.

Mo tún gba ohùn ogójì ìṣẹ́jú àáyá mọ́ ọn. N kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àkàrà ni mo ń dín fún àwọn ọmọ, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ agbada, kó gbọ́ bí epo ṣe ń ta nígbà tí mo da ẹyọ kan sí i, àti bí ọmọ rẹ̀ kékeré ṣe ń sọ pé èyí tó tóbi jù ni tòun. N kò tètè fi ránṣẹ́. Aago 9:20 tiwa ni mo tó tẹ̀ ẹ́, tí mo mọ̀ pé ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó lè mú ẹkún wá, a kì í fi bá ẹni tí arúgbó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ àmì méjèèjì di àwọ̀ búlúù. Ó ti kà á. Kò sí ìdáhùn. Wákàtí bíi méje kọjá, n kò sì fi nǹkan kan lé e. Mo ti ní kó má dáhùn. Bí mo bá wá ń béèrè pé ṣé o rí i, mo ti gba ohun tí mo fún un padà.

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ló pè, ohùn nìkan, kì í ṣe fídíò. Ohùn nìkan náà ni mo fi gbé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pé oríkì ni mo nílò?" Ó dákẹ́. Mo jẹ́ kó dákẹ́.

Ìyá àgbàlagbà kan ló kú lọ́jọ́ Àìkú. Oṣù méje ni àbúrò mi fi ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yà á nírun. Ìyá náà kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìka méjì lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ti tọ́jú rẹ̀ tán, ìyẹn ni ẹ ṣé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹlòmíràn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un, nítorí òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹbí.

Mo ní, "Àjíkẹ́, o kú arafẹ́rakù."

Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Ìkíni tí a ń kí gbogbo ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú nìyẹn, ó sì ti di ọjọ́ kẹrin tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. N kò sọ pé kó má sunkún mọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n" àti "pẹ̀lẹ́" ni mo ń dá sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo bi í nígbà yẹn ni pé irú ìyá wo ni, ó sì fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ jáde. Nítorí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà iṣẹ́ kíà kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Oṣù Kẹfà ọdún náà lòun lọ. Ó ní bóun bá délé láàárọ̀, òun a sùn. Bóun bá fi máa jí, ilẹ̀ ti ń ṣú, nítorí ní àsìkò yìí bí aago mẹ́rin ni oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹ̀ ló kàn sú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò jẹ́ kó kọjá lọ. Mo bi í ní tààrà, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: "Ṣé àárẹ̀ ni, àbí o ti ń rò ó pé kí o pa ara rẹ?" Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn; ó ń jẹ́ kí ẹni tó ní in rí ibi gbé e sí ni. Ó ní rárá, pé àárẹ̀ ni, pé àwọn ọmọ òun ń dúró de òun. Ká ní ó ṣiyèméjì ni, n kò ní sọ fóònù kalẹ̀. Mo ti kọ 116 123 sínú ìwé níwájú mi, nọ́ńbà Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú, tí èèyàn lè pè lọ́sàn-án lóru níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, àti 999 bí ewu bá ti dé tán. Ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íbàdàn kò lè kan ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún.

N kò fún un nímọ̀ràn kankan lọ́jọ́ yẹn. Kí a tó parí ni mo tó béèrè pé kí ni ó fẹ́ kí n ṣe. Ó ní kí n máa gba ohùn ilé sílẹ̀ fún òun lọ́jọọjọ́ Àìkú, bóyá ibi tí àwọn ọmọ ti ń jà ni o, bóyá ibi tí wọ́n ti ń gúnyán. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, aago kan òru, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé. Kò sí "mo kàn ní kí n kí yín" níbẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ̀ mí lónìí."

Mo dáhùn pé: "Pẹ̀lẹ́, Àjíkẹ́. O kú àìsùn. Pè mí bó o bá délé."