Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Tú Èrè 60 Lójúmọ́ Wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ yá owó láti fi kún ọjà wọn. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń tà, wọ́n sì máa ń pàtẹ láti Ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta. Nígbà tí ayánilówó béèrè iye tí wọ́n ń jẹ lérè lójúmọ́, wọ́n ní 60, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ní alẹ́ Àbámẹ́ta, wọ́n máa ń ka èrè ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra, 360 ni èrè náà. Ìpíndọ́gba rẹ̀, 60 lójúmọ́.

Ayánilówó ní kí wọ́n máa san 15 lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti pàtẹ. Ilé ń gba 40 lójúmọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ka ti Ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55, ó ṣẹ́ 5 kù. (Ẹyọ owó ni gbogbo iye tí mo ń kọ síbí. Mo ti sọ òǹkà wọn di kékeré kí ìṣirò má baà sú ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ju ara wọn lọ kò yí padà.)

“Àbúrò mi, bá mi wò ó kí n tó tọwọ́ bọ̀wé,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ná. Ẹni tó fẹ́ gba owó lójoojúmọ́, èrè ojoojúmọ́ ló yẹ ká fi dá a lóhùn.”

Mo gba ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ títà. Fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo mú owó tí wọ́n tà, mo yọ iye tí wọ́n ra àwọn aṣọ tí wọ́n tà gan-an, mo sì yọ ìnáwó ọjọ́ náà. Ibi ìyọkúrò àkọ́kọ́ yẹn gba sùúrù. Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń lọ ra ọjà. Bí ènìyàn bá yọ gbogbo owó tí wọ́n fi ra ọjà nínú títà Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ náà á dà bí ọjọ́ òfò, nígbà tó jẹ́ pé ọjà náà ṣì wà lórí àtẹ. Aṣọ tó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn nìkan ni mo ka iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kìíní. Wọ́n ta 60. Àwọn aṣọ náà, 45 ni wọ́n rà wọ́n, ó ku 15. Ìnáwó ọjọ́ náà jẹ́ 35: owó ìsọ̀ 10, owó ọkọ̀ 10, owó ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà 15. Wọ́n jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì pàdánù 20. 35 yẹn kò mọ̀ bóyá oníbàárà wá tàbí kò wá. Bó ṣe rí ní Àbámẹ́ta ló rí ní Ọjọ́rú.

Nígbà tí mo ṣe gbogbo rẹ̀ tán, báyìí ló rí:

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Ajé 40, Ìṣẹ́gun 10, Ọjọ́rú àdánù 20, Ọjọ́bọ̀ 60, Ẹtì 90, Àbámẹ́ta 180.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Ajé 30, Ìṣẹ́gun 5, Ọjọ́rú àdánù 15, Ọjọ́bọ̀ 50, Ẹtì 80, Àbámẹ́ta 210.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Wọ́n mọ̀ pé Ọjọ́rú kì í yá, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé àpò wọn gan-an ló ń tán lọ́jọ́ náà. Nínú ọjọ́ méjìlá, márùn-ún péré ló dé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ márùn-ún mìíràn kò tó 40 tí ilé ń gba. Àbámẹ́ta méjèèjì mú 390 wá nínú 720, ìyẹn ju ìdajì lọ. Bí mo bá yọ wọ́n kúrò, ọjọ́ mẹ́wàá tó kù kò mú ju 330 wá, 33 lójúmọ́.

Mo tún to àwọn iye náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, mo sì wo àwọn méjì tó bọ́ sí àárín, 40 àti 50. Àárín wọn jẹ́ 45. Tí iye àárín bá fi báyìí kéré sí ìpíndọ́gba, ọjọ́ ńlá díẹ̀ ló ń gbé ìpíndọ́gba náà sókè. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé kò gba ju pé kí ènìyàn to òǹkà lẹ́sẹẹsẹ.

Síbẹ̀, iye àárín kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó ọwọ́, nítorí kò ka bí àwọn ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra. Bí ọjọ́ burúkú bá ń tẹ̀ lé ọjọ́ rere, àpò lè fara dà á. Ti ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú tẹ̀ léra, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé wọn sì ni ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ra ọjà tí wọ́n máa tà ní Ẹtì àti Àbámẹ́ta.

Mo wá ya àpò èrè sọ́tọ̀ kúrò lára ojú owó. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kìíní, 30 ló wà nínú àpò náà. Lójoojúmọ́ mo fi èrè kún un, mo yọ 40 ilé, mo sì kọ iye tó kù. Láìtíì sí gbèsè kankan rárá, ó kù 30 ní alẹ́ Ajé, ó di òfo ní Ìṣẹ́gun, ó sì jìn wọlẹ̀ ní 60 ní Ọjọ́rú. Wọ́n ti jẹ 60 nínú ojú owó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé owó ọjà kì í pé lọ́wọ́ àwọn ní Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n sì ti ń rò pé ẹnì kan ló ń mú nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Àbámẹ́ta, àpò náà ti padà sí 150, kò sì sí ẹni tó tún máa rántí Ọjọ́rú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi 15 ayánilówó sí i. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, kòtò náà di 105. Ọjọ́bọ̀ ṣì jẹ́ 100, Ẹtì 65, kó tó di pé Àbámẹ́ta gbé àpò náà jáde sí 60. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, láti Ìṣẹ́gun dé Ẹtì náà ni kò fi sí nǹkan kan nínú àpò. Ìṣirò ìpíndọ́gba sọ pé 5 á máa ṣẹ́ kù lójúmọ́, ìyẹn 30 lọ́sẹ̀, òótọ́ sì ni bí ènìyàn bá ka Àbámẹ́ta sí Àbámẹ́ta.

Ṣùgbọ́n 30 yẹn gan-an kò dájú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá rà ní 45, wọ́n ń tà á ní 60, èrè orí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n rà á. Bí ojú owó bá dín ní 105 ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjà tí wọn ò lè rà yẹn ìbá mú 35 wá, tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ìbá tà ní Ẹtì àti Àbámẹ́ta. 35 ti ju 30 tí a retí pé kó ṣẹ́ kù lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ san gbèsè náà ló máa jẹ èrè tí wọ́n fẹ́ fi san án.

Ẹ̀gbọ́n mi ní owó tí àwọn yá á ṣáà fi kún ọjà, èrè á sì pọ̀ sí i. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ọjà tó pọ̀ yẹn máa tà. Àwọn fúnra wọn dáhùn pé Àbámẹ́ta ni. Ọjà tó kún àtẹ kò pe oníbàárà wá ní Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ gbèsè ti ń gba tirẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé.

A padà lọ bá ayánilówó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní alẹ́ Àbámẹ́ta, 90 lẹ́ẹ̀kan náà dípò 15 lọ́nà mẹ́fà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ fo ọ̀sẹ̀ kankan. Mo tún sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má gba owó náà títí àpò èrè fi máa dé 150, nítorí láti Ajé sí Ọjọ́rú, àpò náà já ní 90 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó sì já ní 100 ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àpò tí kò bá ju 30 lọ ní Ọjọ́ Ajé kò lè là á já, ìbáà jẹ́ Àbámẹ́ta nìkan ni wọ́n ń san gbèsè.

Lẹ́yìn èyí ni mo dán Àbámẹ́ta burúkú wò, èyí tí òjò bá dí ọjà lọ́wọ́, tí èrè 180 di 90. Àpò tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú 150, lẹ́yìn tó bá ti san 90 fún ayánilówó, á wọ Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú 90. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá dà bí ọ̀sẹ̀ kejì, kò ní tó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi yá ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí wọ́n fẹ́ yá tẹ́lẹ̀, tí sísan rẹ̀ sì di 60 lọ́sẹ̀. Pẹ̀lú 60, àpò náà á wọ Ọjọ́ Ajé pẹ̀lú 120, á sì dé Ọjọ́rú pẹ̀lú 20 lọ́wọ́. Bí Àbámẹ́ta méjì bá bàjẹ́ tẹ̀léra, kò lè gbà á. Mo sọ èyí fún wọn láìfi bò.

Ọjọ́rú ló kù. Tí wọn ò bá pàtẹ lọ́jọ́ náà, owó ọkọ̀ àti owó ọmọbìnrin náà, 25, kò ní jáde, ṣùgbọ́n owó ìsọ̀ 10 kò yẹ̀. Wọ́n á pàdánù 10 dípò 20. Ó dára lórí ìwé, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi rán mi létí pé àwọn ìyá kan máa ń wá wo aṣọ ní Ọjọ́rú, kí wọ́n tó mú ọmọ wá wọ̀ ọ́ ní Àbámẹ́ta. Ìwé títà kò lè fi ìyẹn hàn, mo sì gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. A fẹnu kò sí i pé kí ọmọbìnrin náà má wá ní Ọjọ́rú, kí àwọn dá nìkan jókòó ti àtẹ, bẹ́ẹ̀ ni 15 kò ṣe jáde mọ́. Wọ́n wá bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, wọ́n fi wákàtí kún iṣẹ́ rẹ̀ ní Àbámẹ́ta, wọ́n sì ń fún un ní owó díẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé wọn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: èrè, ohun tó jáde, àti iye tó kù nínú àpò. Nígbà tí wọ́n bá ń pàlẹ̀ ọjà mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìlà kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, kí wọ́n tó pinnu iye ọjà tí wọ́n máa lọ rà ní Ọjọ́bọ̀.