Ìpìlẹ̀ ògiri níbi tí omi ti sún mọ́ ojú ilẹ̀

Téébù ìṣirò tí mo bá nílẹ̀ sọ pé nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ gòkè, agbára ilẹ̀ láti gbé ẹrù tún pọ̀ sí i: láti 396 kPa ó di 410. Ibẹ̀ ni mo ti fura. Omi wo ló ń fún ilẹ̀ lágbára?

Ìpìlẹ̀ náà fẹ̀ ní mítà 1.2, ó wọlẹ̀ ní mítà 1. Amọ̀ oníyanrìn ni ilẹ̀ náà: c, agbára tí ilẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ra, jẹ́ 15 kPa; φ, igun ìfarakora ilẹ̀, jẹ́ 20°. Omi wà ní mítà 0.4 péré sísàlẹ̀ ojú ilẹ̀.

```
qu = c·Nc + q·Nq + 0.5·γ·B·Nγ
```

qu ni agbára ilẹ̀ láti gbé ẹrù, q ni ẹrù ilẹ̀ tó wà lókè ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, γ ni ìwúwo ilẹ̀, B ni ìbú ìpìlẹ̀. Àwọn N jẹ́ nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé φ: fún 20°, Nc jẹ́ 14.83, Nq 6.40, Nγ 5.39. Téébù náà lo 20 kN/m³, ìwúwo ilẹ̀ tí omi rin, níbi gbogbo tí omi dé. Ṣùgbọ́n omi ń ti ilẹ̀ náà sókè, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yọ 9.81, ìwúwo omi, kúrò, ó ku 10.19.

Ìwúwo ilẹ̀ òkè omi ṣì jẹ́ 18 kN/m³. Nítorí náà q di 0.4 × 18 + 0.6 × 10.19, ìyẹn 13.3. Mo fi 10.19 sí apá ìkẹta náà. Àpapọ̀ wá jẹ́ 222.5 + 85.2 + 33, bíi 341 kPa.

Apá c kò yí padà rárá, òun ló gba ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Ká ní yanrìn lásán ni, ìdínkù náà ì bá pọ̀ gan-an. Bí omi bá lọ sísàlẹ̀ ju mítà 2.2 (ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú ìbú), a kì í kà á mọ́, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni kí ẹ wọn ọ́n, kì í ṣe ìgbà ọyẹ́.