Bí mo ṣe mú àwòrán tuntun bá fọ́tò ọ̀yẹ́ àtijọ́ mu

Ẹgbẹ́ àwa ọmọ ìlú kan náà tó ń gbé ní Kubwa fẹ́ tẹ káléńdà. Fọ́tò àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ bàbá alága: àwọn àgbà ẹgbẹ́ dúró nínú ọ̀yẹ́, Òkè Zuma wà lẹ́yìn wọn, eruku sì bo ojú ọ̀run. Fíìmù ni wọ́n fi yà á. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi ẹ̀rọ ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán kejì, ti àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń kọjá lábẹ́ igi, tí yóò wà ní ojú ewé tó dojú kọ ọ́. "Má jẹ́ kó dà bí ti fóònù o," ni bàbá sọ fún mi. A fi ẹnu kò pé a ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló yà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fi hóró fíìmù, àwọn tótó kéékèèké tó máa ń wà lára fọ́tò fíìmù, sí àwòrán. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ irú Stable Diffusion kì í ya píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan tààrà. Orí ẹ̀dà kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òòró ti di ojú kan ṣoṣo, kó tó wá tú u sílẹ̀. Hóró fíìmù kéré ju ìyẹn lọ, nítorí náà ohun tí ẹ̀rọ máa ń yà dípò rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ awọ ojú ènìyàn bí ẹni pé ara wọn sú èésú. Àwòrán tó mọ́ kedere ni mo bèèrè, tí òjìji rẹ̀ kò le, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀yẹ́ ṣe rí nìyẹn. Bí òjìji ọ̀sán gangan bá ti wà níbẹ̀, kò sí àtúnṣe àwọ̀ tó lè mú un kúrò.

Àwọ̀ ló kàn. Mo yí méjèèjì sí Lab, ètò tó ń fi nọ́ńbà mẹ́ta sọ àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: `L` ni ìmọ́lẹ̀, `a` ń lọ láti àwọ̀ ewé dé pupa, `b` láti búlúù dé ìyeyè. Erik Reinhard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa ọ̀nà yìí ní 2001: a ó mú ìwọ̀n àárín àwọ̀ àti bó ṣe fọ́n ká tó nínú fọ́tò àtijọ́, a ó sì fún tuntun ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é fún gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà dé. Eruku ojú ọ̀run ló gba apá tó pọ̀ jù nínú fọ́tò bàbá, ewé ló sì pọ̀ nínú tèmi. Ewé á gba àwọ̀ eruku, gèlè funfun á sì di àwọ̀ ilẹ̀. Ohun funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ó ti yà kúrò lọ́nà.

Mo wá pín in: ojú ọ̀run sí ojú ọ̀run, igbó ẹsẹ̀ òkè sí ewé, agbádá funfun sí gèlè funfun. `r` ni fọ́tò àtijọ́, `t` ni àwòrán tuntun, méjèèjì ní Lab; `mr` àti `mt` ni ibi tí mo yàn nínú wọn:

```python
m, n = r[mr], t[mt]
t[mt] = (n - n.mean(0)) / n.std(0) * m.std(0) + m.mean(0)
```

Kí n tó wọn fọ́tò bàbá, mo fi Gaussian Blur, tó ń mú àwòrán rí bàìbàì, pa hóró rẹ́ nínú ẹ̀dà rẹ̀ kan. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, hóró yóò wọ inú ìwọ̀n ìfọ́nká. Ojú ọ̀run tèmi sì tẹ́jú púpọ̀, bí mo bá fẹ ìfọ́nká rẹ̀, ìlà ìlà ló máa yọ. Ìwọ̀n àárín nìkan ni mo fún un.

Hóró ló kẹ́yìn, nítorí pé bí ó bá ṣáájú, iṣẹ́ àwọ̀ á nà án. Mo kọ́kọ́ mú àwòrán tuntun tóbi tó ti bàbá ní píksẹ́lì. Mo gé ojú ọ̀run díẹ̀ nínú fọ́tò, mo yọ ẹ̀dà rẹ̀ tí mo ti fi Blur pa hóró rẹ́ kúrò lára rẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù ni hóró. Ìfọ́nká rẹ̀ tó 6 nínú 255 níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òjìji òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ju 3 lọ. Nítorí náà mo jẹ́ kí hóró tí mo fi sí àwòrán tuntun pọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà láàárín, kó sì fúyẹ́ nínú òkùnkùn. Hóró tí kọ̀ǹpútà kàn fọ́n ká lásán ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan mú jù, ó dà bí iyanrìn. Mo fi Blur tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1 rọ̀ ọ́. Èyí máa ń fa ìfọ́nká 6 wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 1.7, nítorí náà mo sọ ọ́ di púpọ̀ padà sí 6 kí n tó gbé e lé àwòrán.

Mo gé ojú ọ̀run méjèèjì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní 100%. Bí ti tuntun bá dà bí kùrukùru tó dì, Blur ti pọ̀ jù. Nígbà tí mi ò mọ èwo ni tèmi mọ́, mo fi wọ́n pamọ́ sí PNG, mo sì gbé wọn fún atẹ̀wé ní Wuse lórí fláàṣì. Bí a bá fi wọ́n ránṣẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp, hóró á parẹ́. Mo ní kó dín méjèèjì kù ní ìwọ̀n kan náà, kí hóró ọ̀kan má baà tóbi ju ti èkejì lórí ìwé.