Omi ni àbí ásíìdì? Bí a ṣe yẹ ìwé bátìrì wò kó tó jáde

Ìwé ìtọ́ni ojú-ewé 14 ni mo túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn tó ń lo bátìrì olómi pẹ̀lú ìnfátà. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, àṣé ó ku àyẹ̀wò.

A kọ́kọ́ gbé Yorùbá mi fún obìnrin kan tí kò rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà rí, pé kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bá mi tún nǹkan kan ṣe: ibi tó bá wọ́, kó jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀. (Àwọn kan máa ń ṣàánú olùtumọ̀. Irú wọn kò wúlò níbí.) Nígbà tí mo gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àkọ́kọ́, àyà mi já. Níbi tí ìwé ti ní kí a bu omi sí bátìrì, tirẹ̀ ní kí a bu ásíìdì.

"Omi bátìrì" ni mo kọ. Mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ládùúgbò wa, ásíìdì ni omi bátìrì." Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ omi nìkan ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í bá a lọ. Ẹni tó bá ń da ásíìdì lé e á jẹ́ kó le jù, á sì máa jẹ irin inú rẹ̀.

Ni mo bá wá ọ̀rọ̀ náà kiri inú ìwé. Ibi mẹ́sàn-án ló wà, mo sì ti pè é ní "omi mímọ́" níbi mẹ́ta. Ìyẹn náà burú, torí píọ́ wọ́tà inú ọ̀rá ni olùkà máa sáré lọ rà. A fẹnu kò sí "omi dísítíìlì", a sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: omi tí wọ́n sè di oru, tí wọ́n gba oru náà padà di omi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnjiníà kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa gbé bátìrì síwájú, ó ń kà, ó ń ṣe é. Ó dúró níbi tí mo kọ pé, "Ṣáàjì bátìrì kó kún, kí o sì bu omi sí i dé ìlà òkè." Gbólóhùn yìí ti yege nígbà tí wọ́n dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi mí pé, "Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?" Bí omi bá ti dé ìlà òkè kí wọ́n tó ṣáàjì, á wú, á sì kún dànù tòun ti ásíìdì. A yí i sí: "Ṣáàjì bátìrì kó kún ná. Lẹ́yìn náà ni kí o wá bu omi sí i dé ìlà òkè."

Kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ó ní kí obìnrin yẹn tún gbólóhùn tuntun náà dá padà ná. Lọ́jọ́ kejì ló tó fọwọ́ sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ẹni tó ń to ìwé fún títẹ̀ wá ní òun fẹ́ yọ "lẹ́yìn náà" kúrò, torí àpótí ọ̀rọ̀ kò gbà á. Mo ní kó dín àwòrán kù.